Oníbàárà mi ń bọ̀ láti Súrùlérè láàárọ̀ ọ̀la, ìpàdé wa ò sì lè wáyé mọ́

Fèrèsé Ìkòròdú | Ọjọ́bọ̀, 7:38 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ wíńdò àti ilẹ̀kùn alùmíníọ́mù ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń kọ́lé sí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, Súrùlérè ni wọ́n ń gbé. Aago 10 àárọ̀ ọ̀la la fi ìpàdé sí nínú ilé tí wọ́n ń kọ́ náà. Wọ́n fẹ́ fojú rí pùrófáìlì aláwọ̀ igi, ìyẹn ọ̀pá alùmíníọ́mù tí mo fi ń ṣe férémù, kí n tó gé ti gbogbo ilé, a sì fẹ́ wọn ojú wíńdò. Bíríkìlà wọn máa wà níbẹ̀, ọmọ wọn tó wà ní Tòróńtò sì máa bá wa wò ó lórí fídíò. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni ẹni tó ń bá mi kun pùrófáìlì wá pè pé kò tíì jáde, ó di ọjọ́ Ajé. Màmá ti san owó àkọ́kọ́ fún mi. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé owó wọn ni mo ti ná, kí n sì fún wọn ní ọjọ́ mìíràn?

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́bọ̀, 7:46 alẹ́

Ọ̀gá mi, ẹ kú wàhálà. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó di àárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó lanu. Èmi náà ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí wọn lórí Wáásáàpù, ẹ ní ara ọmọ yín ò yá, ọsibítù lẹ wà. Kò sí màmá tó máa gbọ́ pé ara ọmọ ò yá tí á tún bínú. Tí ẹ bá lọ ń ṣàlàyé kíkùn àti àwọ̀, ohun tó máa dún létí wọn ni pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Tí ara ọmọ bá balẹ̀, ẹ ó pè wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé | Ọjọ́bọ̀, 7:52 alẹ́

Fèrèsé, ìpè méjì ni kí ẹ pè kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn níbí. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ń kùn ún. Ẹ má bi í pé "ṣé ó máa jáde ní ọjọ́ Ajé?" torí bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ bi í pé ibo ni iṣẹ́ dé báyìí, kí ló ti ṣe sí i, kí ló kù. Ìṣẹ́jú méjì kò ní kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ pe màmá. Ẹni tó fẹ́ dé ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ ní aago 10 láti Súrùlérè, tó mọ bí Kétu àti Máìlì 12 ṣe ń rí láàárọ̀, aago 7 ò ní bá a nílé. Á ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lónìí, á ti yọ aṣọ sílẹ̀, àgbàlagbà sì lè ti sùn kí aago 9 tó lù. Wákàtí kan péré ló kù fún yín.

Pípè ni kí ẹ pè wọ́n o. Àgbà tó ti sanwó fún èèyàn, a kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan yẹ àdéhùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ kí wọn dáadáa, kí gbólóhùn tó bá tẹ̀lé ìkíni sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́la mọ́." Mo ti gbọ́ ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rojọ́ lórí fóònù, tí oníbàárà dá a lóhùn pé "kò burú, a á ríra lọ́la," torí kò síbi tó ti gbọ́ pé kí òun má wá. "Ó dà bíi pé kò ní ṣeé ṣe" náà ò dára. Ẹni tó gbọ́ ọ á ní kí òun ṣáà máa bọ̀, bóyá á ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdí, gbólóhùn kan péré: pùrófáìlì kò tíì jáde, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n rin irú ìrìn yẹn wá wo ohun tí kò sí. Ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ ò tètè béèrè. Ẹ má ti gbogbo rẹ̀ sọ́rùn ẹni tó ń kùn ún, torí màmá ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ̀yin ni wọ́n sanwó fún.

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, òótọ́ pọ́ńbélé ni pé kó má di ọ̀la. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yọ ọmọ kúrò níbẹ̀. Ìyá tó gbọ́ pé ara ọmọ ò yá máa pè lọ́la láti béèrè àlàáfíà rẹ̀, á tún pè lọ́túnla. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí àìsàn máa lọ, torí náà kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá ọjọ́ lé e lórí. Ìdí tòótọ́ tó wà lọ́wọ́ Fèrèsé ní ọjọ́ nínú.

Onígèlè Ìgbógbó | Ọjọ́bọ̀, 8:01 alẹ́

Ẹ kú ìfaradà, bọ̀dá. Àwọn oníbàárà wọ̀nyí ò láàánú! Ẹ ti múra tán, wọ́n ní àwọn ò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó kan ní kí n wá wé gèlè fún òun àti ẹbí òun ní aago 6 ìdájí. Mo ti jí, mo ti wẹ̀, ọ̀kadà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ni àbúrò rẹ̀ bá pè pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn. Kò bẹ̀ mí, kò fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Mo ti kọ gèlè méjì míì sílẹ̀ nítorí tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń gba owó ìdajì kí n tó kọ ọjọ́ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má dá owó màmá yẹn padà o.

Fèrèsé Ìkòròdú | Ọjọ́bọ̀, 8:09 alẹ́

Àǹtí Onígèlè, ẹ ṣeun, ẹ sì kú ìrọ́jú. Èmi ni mi ò lè ṣe ìpàdé o, kì í ṣe màmá.

Ìyá wa Àbẹ̀kẹ́, mo ti pe ẹni tó ń kùn ún, mo sì bi í bí ẹ ṣe wí. Àwọ̀ igi yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ ààrò. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́n àtíkè ìsàlẹ̀ sí i, wọ́n á yan án kó le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi rọ́bà tó ní àwòrán igi wé e, wọ́n á tún gbé e wọ ààrò kí àwòrán náà lè wọ inú àwọ̀ ìsàlẹ̀. Ó ní ti àkọ́kọ́ ti jáde lónìí, rọ́bà ló kù. Rọ́bà náà wà ní ilé iṣẹ́ òun, ó ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló wà níwájú tèmi nídìí ààrò ni.

Mo ti pe màmá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń dún, wọn ò gbé e. Mo kọ̀wé sí wọn lórí Wáásáàpù, máàkì kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀ títí di báyìí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọjọ́ wo gan-an ni kí n dá fún wọn?

Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé | Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Máàkì kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé inú fóònù wọn. Wọ́n lè ti pa dátà. Ẹ má kà á sí pé ẹ ti sọ fún wọn. Nígbà tó bá di méjì ló dé, ìyẹn náà ò sì sọ pé wọ́n ti kà á. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ pẹ̀lú, èyí tí kò lo dátà, kó sì kúrú débi pé wọ́n á rí gbogbo rẹ̀ lójú fóònù láìṣí i: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wá sí Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́la. Mò ń pè yín." Lẹ́yìn náà, ẹ pe bíríkìlà. Ó ṣeé ṣe kó ní nọ́ńbà ẹlòmíràn nínú ilé màmá, òun náà sì yẹ kó gbọ́ lálẹ́ òní. Tí ẹ bá ní nọ́ńbà ọmọ wọn, ẹ kọ̀wé sí i. Àárọ̀ ọ̀la, tí ẹ ò bá tíì bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ tún pè ní aago 6.

Ní ti ọjọ́ tuntun, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí. Ọdún 22 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé, èmi ni mo máa ń yẹ ìpàdé tí mo sì máa ń tún un dá. Bí ọ̀gá mi bá yẹ ìpàdé lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà á kùn díẹ̀, á sì gbà. Bí a bá yẹ ọjọ́ tuntun náà lórí ìdí kan náà, kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Kò kàn ní gbé fóònù wa mọ́ ni. Torí náà, ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ẹ̀ ń retí ẹrù gan-an dá ọjọ́ fún wọn. Ẹni tó ní Ajé ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì wà níwájú tiyín. Ẹ fi Ajé sílẹ̀ fún un, ẹ fi Ìṣẹ́gun sílẹ̀ fún bó bá tún fà á. Ẹ dá Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀.

Méjì ni kí ẹ fún wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àti aago. "Ìgbà tó bá wù yín, mà" ń dún bí ọ̀wọ̀, àmọ́ iṣẹ́ lẹ gbé lé wọn lọ́wọ́ yẹn. Wọ́n á ní àwọn máa wò ó, ẹ̀yin á ní ẹ̀ ń retí ìpè, oṣù á sì parí. Tí ẹ bá ti sọ méjèèjì tán, ẹ wá fi kún un pé bí kò bá rọrùn, kí wọ́n sọ èyí tó bá wọn lára mu.

Ẹ sì wò ó bóyá gbogbo ìpàdé náà ló yẹ kó yẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni kò sí. Ẹ lè wọn ojú wíńdò lọ́la láìsí màmá, kí bíríkìlà di ẹnu téèpù kejì mú. Ẹ ya àwòrán, ẹ kọ ìwọ̀n yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹ ti ná owó òun, ojú wíńdò ilé rẹ̀ tí téèpù wà lórí rẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Àwọ̀ náà, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ bá wọn ní Súrùlérè. Ìrìn tí ẹ yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ rìn ín.

Tí ẹ bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ má baà dojú rú. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ kú alẹ́, mà. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, ìpàdé àárọ̀ ọ̀la, Ẹtì, kò ní wáyé mọ́. Pùrófáìlì aláwọ̀ igi kò tíì jáde, èmi ni mi ò sì tètè béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi fúnra mi máa gbé e wá bá yín nílé ní Súrùlérè, ní Ọjọ́rú aago 11 àárọ̀ tàbí Ọjọ́bọ̀ aago 11 àárọ̀. Bí méjèèjì ò bá rọrùn, ẹ sọ èyí tó bá yín lára mu. Lọ́la, màá wọn ojú wíńdò, màá sì fi àwòrán ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán."

Ó tán. Ẹ má kọ "ẹ má bínú" ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún síbẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, màmá ló máa wá di ẹni tó ń tù yín nínú.

Ọmọ Èkó Lókè Òkun | Ọjọ́bọ̀, 8:34 alẹ́

Tòróńtò ni èmi ń gbé, mo sì ń kọ́lé fún ìyá mi nílé, torí náà ẹ gbà mí láyè. Aago 10 àárọ̀ Èkó, aago 5 ìdájí ni lọ́dọ̀ wa lásìkò ooru. Tó bá di ìgbà òtútù, aago 4 ni. Ọmọ màmá yẹn ti fi aago sí ìdájí ọ̀la láti jí. Tí ẹ bá sọ fún màmá nìkan, tí màmá gbàgbé láti sọ fún un, òun ló máa jókòó lójú fóònù níbi tí òkùnkùn ṣì wà, tí á máa pè, tí ẹnì kankan ò ní gbé e. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mi ò fi ojú kan náà wo ẹni náà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí n má parọ́.

Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń sanwó. Bẹ́ ẹ bá ń dá ọjọ́ tuntun, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aago 1 ọ̀sán Èkó, aago 8 àárọ̀ ni níbí nìyẹn lásìkò ooru yìí. Á ti jí, kò sì ní tíì wọnú iṣẹ́.

Fèrèsé Ìkòròdú | Ọjọ́bọ̀, 9:11 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun. Màmá ti pè padà. Wọ́n wà níbi ìpàdé àdúrà, wọ́n ti pa ohùn fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ti Wáásáàpù ṣì wà lórí máàkì kan.

Mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe wí: mo kí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má wá. Wọ́n dákẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mo kó ara mi níjàánu, mo sọ gbólóhùn kan náà, mo ní èmi ni mi ò tètè béèrè. Wọ́n ní, "Ṣé o ti ra pùrófáìlì náà àbí o ò tíì rà á?" Ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an nìyẹn. Mo ní mo ti rà á, ó ti wọ ààrò lẹ́ẹ̀kan, ó ku ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ní màá ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀ fún wọn lọ́la. Ohùn wọn wá rọ̀.

Nígbà tí mo dá Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn kì í dáwọ́ lé nǹkan tuntun ní Ọjọ́rú, pé bàbá àwọn ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé méjì ni mo mú lọ. A fi í sí Ọjọ́bọ̀, aago 1 ọ̀sán nítorí ọmọ wọn, nílé wọn ní Súrùlérè. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí màmá àti ọmọ wọn. Ọmọ wọn dáhùn pé òun ti pa aago ìdájí náà.

Ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Màmá ní àwọn ti san owó ọkọ̀ ọ̀la fún awakọ̀, kò sì dájú pé á dá a padà. Ṣé ó yẹ kí n san án?

Télọ̀ Sábó | Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 àárọ̀

Mo dúpẹ́ pé ó yọrí. Ní ti ọjọ́ dídá, mo fẹ́ ṣí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú létí ohun kan, torí ó ti kó ìtìjú bá mi. Mo yẹ ìdánwò aṣọ ìyàwó kan torí ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe etí aṣọ bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dá ọjọ́ mìíràn fún un, ó gbà. Mi ò wo ìwé ìkéde. Orò ló bọ́ sí ọjọ́ náà, obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní ìlú wa níbí. Láti Ìkẹjà ló ti ń bọ̀, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni àbúrò mi rán mi létí. Mo tún ní láti pè é lẹ́ẹ̀kejì pé kó má wá. Ó gbà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi aṣọ òun rán awakọ̀ sí òun bó ṣe wà, tí kò tíì parí.

Wọ́n máa ń kéde Orò ṣáájú, àwọn ará ilé sì máa ń mọ̀. Bí oníbàárà yín bá jẹ́ obìnrin tí kò gbé ìlú yìí, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ ti béèrè kí ẹ tó dá ọjọ́ fún un. Fèrèsé, tiyín yìí bọ́ sí Súrùlérè, kò kàn yín. Àmọ́ màmá yẹn ṣì máa wá sí Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé wíńdò sójú rẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà | Ọjọ́ Ẹtì, 1:05 ọ̀sán

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ nípa màmá àti ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa bíríkìlà ju pé kí ó di téèpù mú lọ. Ẹni tó gbà pé òun máa wà níbi iṣẹ́ ní aago 10, kò ní gba iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn níbòmíràn. Owó òòjọ́ rẹ̀ ni ẹ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ yẹ ìpàdé. Fèrèsé, ṣé ẹ fún un ní nǹkan kan lónìí?

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́ Ẹtì, 1:30 ọ̀sán

Mo gbà pé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Màmá tó béèrè pé ṣé ó ti ra pùrófáìlì tàbí kò tíì rà á, irọ́ tèmi ì bá ti dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró lórí owó. Ẹ má san owó awakọ̀ o, bọ̀dá. Tí ẹ bá san án lónìí, gbogbo ohun tó bá yẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wá. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ fún wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ san ìyókù.

Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé | Ọjọ́ Ẹtì, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Mi ò fara mọ́ yíyọ owó iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Ẹni tí wọ́n yọ owó iṣẹ́ fún nítorí ìpàdé kan máa rò pé owó iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, á sì tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn. Owó awakọ̀ ní iye tó mọ níwọ̀n, ó ní ọjọ́ tí wọ́n san án, ó sì tán síbẹ̀. Ní ọ́fíìsì wa, a máa ń bèèrè iye rẹ̀ láti san án, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì máa ń ní ká fi í sílẹ̀. Àwọn tó gbà á náà wà. Bí iye yẹn bá máa dun Fèrèsé jù, òun ló mọ àpò rẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà, ẹ ṣeun. Mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí n rò ó.

Fèrèsé Ìkòròdú | Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 alẹ́

Mo lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ láàárọ̀. Wíńdò 14 àti ilẹ̀kùn 3 la wọ̀n. Wíńdò ilé ìdáná ò dọ́gba: òkè rẹ̀ fi nǹkan bí ìka kan fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ká ní màmá wà níbẹ̀ tí a jọ ń wo àwọ̀, mi ò rò pé mo máa rí i, torí òkè nìkan ni mo máa ń wọ̀n tí ojú bá ń kán mi. Bíríkìlà ní òun máa fi sìmẹ́ńtì tún un ṣe kí n tó gé ti ibẹ̀. Mo ya àwòrán téèpù lórí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́, màmá sì dáhùn pé "o ṣeun, ọmọ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pè mí lọ́mọ wọn.

Bíríkìlà Àgbà, mo fún un ní ìdajì owó òòjọ́ rẹ̀, ó sì gbà á. Mo béèrè owó awakọ̀ lọ́wọ́ màmá, wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ ná, pé a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá dé. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Fèrèsé Ìkòròdú | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ lè mọ̀: ọjọ́ Ajé, kò jáde. Iná ló lọ níbẹ̀, ààrò ò sì gbóná. Ọ̀sán òní ni mo gbà á. Ká ní mo ti sọ pé Ajé fún màmá, ojú ì bá tì mí lẹ́ẹ̀kejì.

Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la pé ó ti wà lọ́wọ́ yín àti pé aago 1 ọ̀túnla ṣì dúró. Ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í múra tọkàntọkàn títí á fi gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Fèrèsé Ìkòròdú | Ọjọ́bọ̀, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé láti Súrùlérè. Aago 12:35 ni mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo dúró nísàlẹ̀ títí di aago 1 ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Màmá gbé pùrófáìlì náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn onígi tó wà ní pálọ̀ wọn, wọ́n gbé e lọ sí ojú oòrùn ní bálíkóní, ọmọ wọn sì ń wò ó lórí fídíò. Wọ́n ní ó pupa jù. Ọmọ wọn ní ó dára lójú òun, wọ́n ní ojú fóònù ló ń rí i. Àwọ̀ tó dúdú ju èyí lọ ni wọ́n fẹ́, bí igi ìrókò tó ti pẹ́.

Owó awakọ̀, wọ́n ní kí n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí wíńdò ilé ìdáná láìgbowó, kí a jẹ́ kó tán síbẹ̀. Mo gbà. Bàbá Ìbejì lè ní mo ti ṣí ilẹ̀kùn tí mi ò ní lè tì mọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́.

Wọ́n bi mí lójú ẹsẹ̀ pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa rí àwọ̀ tuntun náà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n pe ẹni tó ń kùn ún ná. Mo pè é níwájú wọn, mo bi í bóyá rọ́bà aláwọ̀ dúdú yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí, ó máa rà á ní Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago 1 ọ̀sán, la fi í sí.